Ojú Ìwé Mẹ́jọ Tó Di Mẹ́sàn-án: Ohun Tí Fọ́ǹtì Ń Ṣe sí Ìwé Wa Lórí Kọ̀ǹpútà Ẹlòmíràn

Ní ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti ń bá èèyàn tẹ ìwé jáde, mo bá ìyá àgbàlagbà kan àti ọmọbìnrin tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ lẹ́nu àríyànjiyàn. Ìyá náà gbé ìwé ètò ìsìnkú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá nínú fílásì. Ọmọ rẹ̀ ló ṣe ìwé náà nílé, ojú ìwé mẹ́jọ ni, wọ́n sì ti kà á tán lórí lápútọ́ọ̀pù kí ó tó jáde. Ìgbà tí wọ́n ṣí i ní ṣọ́ọ̀bù, ó di ojú ìwé mẹ́sàn-án. Àkọlé orin kejì dá dúró nísàlẹ̀ ojú ìwé kan, ẹsẹ orin náà sì wà ní ojú ìwé tó tẹ̀ lé e.

“Ojú ìwé mẹ́jọ lọmọ mi ṣe. Ìwọ lo sọ ọ́ di mẹ́sàn-án.”

“Ẹ má bínú, mà. Mi ò fọwọ́ kan nǹkan kan níbẹ̀. Bí mo ṣe ṣí i nìyẹn.”

Àwọn méjèèjì ló sọ òtítọ́. Ìwé náà jẹ́ mẹ́jọ nílé, ọmọbìnrin náà kò sì fọwọ́ kàn án. Ojoojúmọ́ ni irú ìjà báyìí ń ṣẹlẹ̀, tí àwọn kan á ní kòkòrò ló wọ fáìlì, tí àwọn mìíràn á ní kọ̀ǹpútà ṣọ́ọ̀bù ti gbó. Nínú ọ̀pọ̀ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, ohun tó fà á kò ju ẹyọ kan lọ: fọ́ǹtì tí a fi kọ ìwé náà kò sí lórí kọ̀ǹpútà kejì, kọ̀ǹpútà náà sì ti fi òmíràn rọ́pò rẹ̀ láìsọ fún ẹnikẹ́ni.

Kí ni fọ́ǹtì gan-an?

Fọ́ǹtì ni fáìlì kan tó wà nínú kọ̀ǹpútà, tó jẹ́ pé inú rẹ̀ ni àwòrán lẹ́tà, nọ́ńbà àti àmì gbogbo wà. Arial jẹ́ fọ́ǹtì kan, Times New Roman jẹ́ òmíràn, Calibri náà jẹ́ tirẹ̀ lọ́tọ̀. Àwòrán “a” tó wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn yàtọ̀, gẹ́gẹ́ bí ọwọ́ ìkọ̀wé èèyàn mẹ́ta ṣe máa ń yàtọ̀ bí wọ́n tilẹ̀ kọ ọ̀rọ̀ kan náà. Lórí Windows, inú àpò kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ `C:\Windows\Fonts` ni wọ́n máa ń wà.

Àwòrán nìkan kọ́ ló wà nínú fáìlì yìí. Ìwọ̀n náà wà níbẹ̀: bí “b” ṣe fẹ̀ tó, bí “i” ṣe tín-ín-rín tó, bí àlàfo tó wà láàárín ọ̀rọ̀ méjì ṣe gbọ́dọ̀ tó, àti bí ìlà kan ṣe gbọ́dọ̀ jìnnà sí èyí tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ìwọ̀n yìí ni kí ẹ fi sọ́kàn, nítorí pé òun ló ń da ojú ìwé rú ju àwòrán lọ.

Kí ló wà nínú fáìlì tí a gbé lọ?

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé bí àwọn bá gbé ìwé tí àwọn fi Microsoft Word ṣe sórí fílásì, gbogbo ohun tí àwọn rí lójú kọ̀ǹpútà ni àwọn gbé lọ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tó wà nínú fáìlì náà ni ọ̀rọ̀ tí a tẹ̀, ìwọ̀n bébà, àyè etí ìwé, àwòrán tí a bá fi sí i, àti *orúkọ* fọ́ǹtì tí a yàn. Fọ́ǹtì fúnra rẹ̀ kò sí níbẹ̀, àfi bí a bá dìídì ní kí ó bá a lọ.

Ẹ wò ó bí ètò àríyá. Wọ́n kọ orúkọ onílù sínú ètò pé lágbájá ni yóò lùlù. Orúkọ onílù ló wà lórí bébà, onílù fúnra rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Bí àríyá bá wáyé ní ìlú tí onílù yẹn ń gbé, òun náà ni yóò wá. Bí wọ́n bá gbé àríyá lọ sí ìlú mìíràn tí kò sí níbẹ̀, ẹni tó ń ṣètò á wá onílù mìíràn tó súnmọ́ ọn, á ní kó jókòó síbẹ̀, kò sì ní pa orúkọ ti àkọ́kọ́ rẹ́ lórí ìwé ètò. Àwọn tó ń jó á mọ̀ pé ìlù yàtọ̀, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá wo ìwé, orúkọ tí wọ́n mọ̀ ni wọ́n máa rí.

Kọ̀ǹpútà kì í fọ́jú yan ẹni tó máa rọ́pò. Word máa ń kọ àpèjúwe kékeré nípa fọ́ǹtì kọ̀ọ̀kan sínú ìwé, bóyá lẹ́tà rẹ̀ ní ìrù ní ẹsẹ̀ bíi ti Times New Roman tàbí ó dán gbọrọ bíi ti Arial, bóyá gbogbo lẹ́tà rẹ̀ fẹ̀ bákan náà tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Ètò tó ṣí ìwé náà lè fi àpèjúwe yìí wá èyí tó jọ ọ́ nínú àwọn tó wà nílé. Ṣùgbọ́n jíjọra ní ojú kì í ṣe jíjọra ní ìwọ̀n, ibẹ̀ sì ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀.

Báwo ni lẹ́tà lásán ṣe lè ti ojú ìwé kúrò nípò?

Ẹ jẹ́ kí á fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo wò ó: “baba”. Bí a bá kọ ọ́ ní ìwọ̀n 12 pẹ̀lú Arial, yóò gba nǹkan bíi mìlímítà 9.4 lórí bébà. Bí a bá kọ ọ̀rọ̀ kan náà, ní ìwọ̀n 12 kan náà, pẹ̀lú Arial Narrow, kò ní gbà ju nǹkan bíi mìlímítà 7.7 lọ, nítorí pé wọ́n ya Arial Narrow kí fífẹ̀ lẹ́tà rẹ̀ má ju nǹkan bí ìdá 82 nínú ọgọ́rùn-ún ti Arial lọ. Nọ́ńbà 12 tí a ń yàn lókè Word kò sọ bí lẹ́tà ṣe fẹ̀ tó rárá. Gíga ni ó ń wọ̀n, fífẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹni tó ya fọ́ǹtì.

Mìlímítà kan àti díẹ̀ lè dà bí nǹkan tí kò tó nǹkan. Ẹ jẹ́ kí á wá kọ “baba” léraléra lórí ìlà kan nínú ìwé pélébé tí a ṣẹ́ bébà A4 sí méjì, tí àyè ọ̀rọ̀ rẹ̀ fẹ̀ tó mìlímítà 120. Arial Narrow á gba “baba” mẹ́tàlá sórí ìlà kan. Arial á gba mọ́kànlá péré. Ọ̀rọ̀ méjì tó kù kò ní ibi tí wọ́n máa wà, wọ́n á bọ́ sórí ìlà kejì.

Ẹni tó bá ti wọ dáńfó mọ ohun tó máa tẹ̀ lé e. Bí èèyàn mẹ́rin bá jókòó sórí ìjókòó kan, tí a wá fi ẹni tó sanra rọ́pò ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, ẹnì kẹrin á dìde lọ sí ìjókòó ẹ̀yìn. Ẹni tó lọ sẹ́yìn á lé ẹlòmíràn dìde níbẹ̀, títí tí ẹni tó wà ní ìjókòó ìkẹyìn á fi bọ́ sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀rọ̀ ṣe ń ti ara wọn láti ìlà sí ìlà, tí ìlà ń ti ara wọn láti ojú ìwé kan sí èkejì.

Gíga ìlà náà ní tirẹ̀ láti sọ, àmọ́ n kò ní pẹ́ níbẹ̀. Bí a bá fi àlàfo ìlà sí ẹyọ kan ṣoṣo, fọ́ǹtì ló ń pinnu bí ìlà á ṣe ga tó. Lórí bébà A4 tí àyè etí rẹ̀ jẹ́ ínǹṣì kan lókè àti nísàlẹ̀, Times New Roman ní ìwọ̀n 12 á gba ìlà 50, Calibri ní ìwọ̀n 12 kan náà á gba 47. Fọ́ǹtì tí lẹ́tà rẹ̀ fẹ̀ díẹ̀ sí i sì lè tún jẹ́ èyí tí ìlà rẹ̀ súnmọ́ ara, èyí sì ni kì í jẹ́ kí á lè fi ojú lásán mọ̀ bóyá ìwé á gùn sí i tàbí á kúrú.

Kí ló wá ṣẹlẹ̀ sí ìwé ìyá náà?

Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n wo fáìlì náà. Arial Narrow lọmọ ìyá náà lò, mo sì mọ ìdí rẹ̀. Ìtàn ìgbésí ayé olóògbé gùn, ó sì fẹ́ kí ó wà lójú ìwé méjì péré, kejì àti ìkẹta. Fọ́ǹtì tó tín-ín-rín ló jẹ́ kí ó ṣeé ṣe láìsọ lẹ́tà di kékeré.

Arial Narrow kì í bá Windows fúnra rẹ̀ wá. Inú àwọn tó máa ń bá Microsoft Office wá ni ó wà. Lápútọ́ọ̀pù ilé ní Office. Kọ̀ǹpútà ṣọ́ọ̀bù ń lo ètò ìkọ̀wé mìíràn tó lè ṣí fáìlì Word, kò sì ní Office lórí. Ó wá Arial Narrow, kò rí i, ó sì mú Arial tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ní ti ojú, ìpinnu yẹn dára: lẹ́tà méjèèjì jọra bí ìbejì, ìdí nìyẹn tí ẹnikẹ́ni kò fi rí i pé fọ́ǹtì ti yí padà. Ní ti ìwọ̀n, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ti fi nǹkan bí ìdá 22 nínú ọgọ́rùn-ún fẹ̀ sí i.

Ìtàn ìgbésí ayé tó jẹ́ nǹkan bí 70 ìlà di nǹkan bí 85. Ìlà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó lé wọ ojú ìwé kẹrin, níbi tó yẹ kí orin àkọ́kọ́ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹsẹ orin fúnra rẹ̀ kò gùn sí i, nítorí pé ìlà orin kúrú, ó sì ṣì gba ibi tó wà. Ohun tó bà á jẹ́ ni pé ọmọ náà kò lo òpin ojú ìwé. Ìgbà tó fẹ́ kí orin bẹ̀rẹ̀ lókè ojú ìwé tuntun, ńṣe ló ń tẹ Enter léraléra títí àkọlé fi bọ́ síbẹ̀. Àwọn ìlà òfìfo wọ̀nyẹn bá ọ̀rọ̀ rìn. Ibi tí wọ́n ti ń ti àkọlé lọ sókè ojú ìwé tẹ́lẹ̀, wọ́n wá ń tì í lọ sísàlẹ̀ òmíràn. Bó ṣe jẹ́ pé àkọlé orin kejì dá wà nìyẹn.

Nígbà tó dé ojú ìwé kẹjọ, ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́ àti orúkọ àwọn ọmọ ló wà níbẹ̀, ó sì ti kún tẹ́lẹ̀. Orúkọ àwọn ọmọ-ọmọ bọ́ sí ojú ìwé kẹsàn-án.

Nínú ìwé pélébé, ojú ìwé kan kì í ṣe ojú ìwé kan. Bébà A4 kan tí a ṣẹ́ sí méjì, tí a sì tẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ń fúnni ní ojú ìwé mẹ́rin. Mẹ́jọ jẹ́ bébà méjì. Mẹ́sàn-án kò sí nínú ìṣirò yẹn, àfi kí á mú bébà kẹta, kí á sì ní ojú ìwé méjìlá tí mẹ́ta nínú rẹ̀ ṣófo. Ọgọ́rùn-ún ẹ̀dà ni ìyá náà fẹ́. Bébà 200 di 300, owó ìtẹ̀ sì gòkè bẹ́ẹ̀.

Ọmọbìnrin ṣọ́ọ̀bù náà fẹ́ ṣe oore. Ó ní kí á sọ lẹ́tà di ìwọ̀n 10, gbogbo rẹ̀ á padà sí mẹ́jọ. Bóyá á padà lóòótọ́, nítorí pé Arial ní ìwọ̀n 10 fẹ̀ tó Arial Narrow ní ìwọ̀n 12, ó ku díẹ̀. Àmọ́ gíga lẹ́tà náà á dínkù pẹ̀lú, àwọn àgbàlagbà tó máa wá síbi ìsìnkú náà ló sì máa kà á nínú ṣọ́ọ̀ṣì tí iná rẹ̀ lè má tàn dáadáa. Mo bẹ̀ ẹ́ kó má ṣe é.

Kí ló dé tí kọ̀ǹpútà kò fi sọ fún wa?

Èyí ló ń dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ yìí. Bí fọ́ǹtì kò bá sí, ètò ìkọ̀wé kì í kọ̀ láti ṣí ìwé, kì í sì í sábà kìlọ̀. Bí a bá tẹ orí ọ̀rọ̀ kan, tí a wo àpótí orúkọ fọ́ǹtì lókè, Arial Narrow náà ló wà níbẹ̀. Orúkọ tí ìwé mú wá ló ń fi hàn, ohun tó ń yà lójú wa jẹ́ òmíràn.

Ìdí kan wà fún un tó dára. Bí ètò náà bá pa orúkọ náà rẹ́ tó fi Arial sí i, ìwé á ti bàjẹ́ títí láé, bí ó bá sì padà sórí lápútọ́ọ̀pù ilé, Arial náà ni yóò fi ṣí. Bí orúkọ ṣe wà níbẹ̀ yìí, ìwé á padà sí bó ṣe wà nígbàkúùgbà tó bá dé ibi tí fọ́ǹtì rẹ̀ wà. Nítorí náà, pípa orúkọ mọ́ tọ́. Àìsọ̀rọ̀ ni kò tọ́.

Èyí tó tún ń mú èèyàn lójijì ni fọ́ǹtì tí ẹnikẹ́ni kò yàn. Láti ọdún 2007, Calibri ni Word máa ń gbé kalẹ̀ fún ẹni tó bá ṣí ìwé tuntun. Ní ọdún 2023, Microsoft bẹ̀rẹ̀ sí í fi Aptos rọ́pò rẹ̀. Ẹni tó ní Office tuntun á kàn ṣí ìwé, á bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀, kò sì ní mọ̀ pé Aptos ni òun ń lò. Bó bá gbé e lọ sórí kọ̀ǹpútà tí Office rẹ̀ ti pẹ́, Aptos kò sí níbẹ̀. Á ní, “Èmi ò yan fọ́ǹtì kankan o.” Òtítọ́ ni, wọ́n ti bá a yàn án.

Kì í ṣe gbogbo ìrọ́pò ló ń ba nǹkan jẹ́. Àwọn fọ́ǹtì kan wà tí wọ́n dìídì yà kí fífẹ̀ lẹ́tà wọn bá ti òmíràn mu régí. Liberation Serif, tó jáde ní ọdún 2007, ní ìwọ̀n kan náà pẹ̀lú Times New Roman. Carlito ní ìwọ̀n kan náà pẹ̀lú Calibri. Àwọn méjèèjì máa ń bá LibreOffice, ètò ìkọ̀wé kan bíi Word, wá, ìdí sì nìyẹn tí ìwé tí a fi Calibri kọ fi lè ṣí níbẹ̀ tí ojú lẹ́tà á yàtọ̀ díẹ̀, tí òpin ìlà kọ̀ọ̀kan á sì wà níbi tó wà.

Kí ni a fi lè mọ̀ pé fọ́ǹtì ti yí padà?

Kí a tó gbé ìwé kúrò nílé, ẹ kọ nǹkan méjì sórí bébà: iye ojú ìwé, àti ọ̀rọ̀ tó kẹ́yìn lórí ìlà ìkẹyìn ojú ìwé tó kún jù. Iye ojú ìwé nìkan kò tó, nítorí pé ìwé lè ti yí padà nínú kí àròpọ̀ rẹ̀ sì wà bákan náà. Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn ojú ìwé kì í tètè purọ́. Ti ìyá yìí, ọ̀rọ̀ tó parí ojú ìwé kẹta nílé ni “Jésù”. Ní ṣọ́ọ̀bù, àárín ìpínrọ̀ mìíràn ni ojú ìwé kẹta parí sí.

Bí kọ̀ǹpútà kejì bá ní Word, ibì kan wà níbẹ̀ tó ń sọ òtítọ́. Ẹ lọ sí `File`, `Options`, `Advanced`, kí ẹ sì wá `Font Substitution` lábẹ́ `Show document content`. Yóò to orúkọ fọ́ǹtì tí ìwé fẹ́ tí kò sí nílé sí ẹ̀gbẹ́ kan, yóò sì to èyí tó fi rọ́pò sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Bí gbogbo fọ́ǹtì bá pé, yóò sọ bẹ́ẹ̀. Bọ́tìnnì kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ `Convert Permanently`. Ẹ má tẹ̀ ẹ́, nítorí pé òun ló ń pa orúkọ àtijọ́ rẹ́ nínú ìwé. Ní LibreOffice, ó rọrùn ju bẹ́ẹ̀ lọ: bí fọ́ǹtì kò bá sí, orúkọ rẹ̀ nínú àpótí òkè á dagun sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Kí ló ń ṣe ẹ, ọ àti ṣ?

Àwa tí a ń kọ Yorùbá ní ìṣòro kan sí i. Fọ́ǹtì lè wà lórí kọ̀ǹpútà, kí ó sì má ní àwọn lẹ́tà wa kan nínú. Nígbà yẹn, kọ̀ǹpútà kì í rọ́pò gbogbo fọ́ǹtì, lẹ́tà tó sọnù nìkan ló máa ń yá lọ́wọ́ fọ́ǹtì mìíràn. Ọ̀rọ̀ á wà bó ṣe wà, àmọ́ lẹ́tà kan láàárín rẹ̀ á dúdú ju ìyókù lọ tàbí kí ó tóbi jù wọ́n lọ, bí ìgbà tí a fi aṣọ mìíràn lẹ aṣọ tó ya.

Ẹ wo ṣ dáadáa, nítorí pé òun ló máa ń kọ́kọ́ tú àṣírí. Lẹ́tà ẹ àti ọ wà nínú èdè Fiẹtnámù náà, nítorí náà, fọ́ǹtì tí wọ́n bá ti pèsè fún èdè yẹn ti ní wọn láìmọ̀ pé ó ń ṣe Yorùbá lóore. Èdè Fiẹtnámù kò ní ṣ. Fọ́ǹtì bẹ́ẹ̀ lè kọ “ọmọ” dáadáa, kí ó sì yá ṣ níbòmíràn bó bá dé “iṣẹ́”.

Àmì ohùn lórí ẹ àti ọ tún le ju ìyẹn lọ. Ní Fiẹtnámù, àmì ohùn ni àmì tó wà lábẹ́ lẹ́tà náà fúnra rẹ̀, nítorí náà wọn kì í tún fi àmì ohùn mìíràn sórí lẹ́tà tó bá ti ní in. Tiwa ń gba méjèèjì: ẹ́, ọ̀. Nínú ètò Unicode tí kọ̀ǹpútà fi ń fún lẹ́tà ní nọ́ńbà, ẹ ní nọ́ńbà tirẹ̀, á ní tirẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ́ kò ní ẹyọ nọ́ńbà kan. Ẹ àti àmì òkè ni a ń tò léra, fọ́ǹtì ló sì gbọ́dọ̀ mọ ibi tí àmì náà máa jókòó sí. Èyí tí kò bá mọ̀ ọ́n á gbé àmì náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tàbí kí ó gbé e lé orí lẹ́tà tó tẹ̀ lé e. Bí kọ̀ǹpútà bá yá irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ fọ́ǹtì tí ìlà rẹ̀ ga, ìlà yẹn nìkan á jìnnà sí èkejì. Ojú ìwé tí ìlà rẹ̀ ń súnmọ́ra níbì kan tó ń jìnnà síra níbòmíràn, ibi tí ẹ ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í wò nìyẹn.

Ọ̀kan wà tó burú ju gbogbo wọn lọ. Kí Unicode tó gbilẹ̀, àwọn fọ́ǹtì Yorùbá kan wà tí wọ́n ya ẹ tàbí ọ sí ipò àmì mìíràn. Kí á ní wọ́n ya ọ sí ipò `[`. Lójú ẹni tó ní fọ́ǹtì náà, “ọmọ” ló kọ. Nínú fáìlì, `[m[` ló wà. Bí fọ́ǹtì náà kò bá sí, `[m[` ni ẹlòmíràn á rí. Àwọn tó ní ìwé àtijọ́ irú èyí, kí wọ́n má rò pé wíwá fọ́ǹtì náà rí ni ìwòsàn. Àfi kí wọ́n sọ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ di lẹ́tà tòótọ́ pẹ̀lú `Find and Replace`, níwọ̀n ìgbà tí fọ́ǹtì náà ṣì wà tí wọ́n ṣì lè rí ohun tí wọ́n kọ.

Kí ni kí á ṣe kí ìwé tó jáde nílé?

Ó wà lọ́wọ́ ohun tí a fẹ́ kí ẹni tó máa gbà á fi ṣe. Bí ó bá jẹ́ títẹ̀ jáde tàbí kíkà nìkan, PDF ni kí á fi ránṣẹ́. PDF máa ń gbé fọ́ǹtì fúnra rẹ̀ dání, ó kéré tán àwọn lẹ́tà tí a lò, ó sì ti so lẹ́tà kọ̀ọ̀kan mọ́ ibi tó wà lórí ojú ìwé. Kò sí ìlà tí ẹnikẹ́ni tún ń tò. Nínú Word, `File`, `Save As`, kí ẹ sì yan `PDF`. Láti mọ̀ pé fọ́ǹtì wà nínú rẹ̀ lóòótọ́, ẹ ṣí i pẹ̀lú Adobe Reader, ẹ wo `Properties`, lẹ́yìn náà `Fonts`. Níwájú orúkọ kọ̀ọ̀kan, `Embedded` tàbí `Embedded Subset` ló yẹ kí ẹ rí. Bí kò bá sí níbẹ̀, tí ẹ wá rí `Actual Font` pẹ̀lú orúkọ mìíràn, a jẹ́ pé ìrọ́pò ti wọ PDF náà pàápàá.

Bí ẹni tó máa gbà á bá ní láti tún un ṣe, PDF kò ní ràn án lọ́wọ́. Ẹ lè ní kí Word di fọ́ǹtì mọ́ ìwé: `File`, `Options`, `Save`, kí ẹ sì fi àmì sí `Embed fonts in the file`. Lábẹ́ rẹ̀ ni ibì kan wà tó ní kí a di kìkì lẹ́tà tí a lò. Ẹ má fi àmì síbẹ̀ bí ẹlòmíràn bá máa kọ nǹkan kún un, nítorí pé lẹ́tà tí ẹ kò tíì lò kò ní bá a lọ, àwọn tó bá wá tẹ̀ ẹ́ ni wọ́n á tún bá ìrọ́pò pàdé. Fáìlì á tóbi sí i, èyí kò ṣeé yẹra fún. Ọ̀nà yìí sì ní ààlà. Ẹni tó ya fọ́ǹtì lè fi àmì sínú rẹ̀ pé òun kò gbà kí wọ́n dì í mọ́ ìwé, tàbí pé kí wọ́n fi tẹ ìwé jáde nìkan, kí wọ́n má fi tún ìwé ṣe. Word máa ń tẹ̀ lé e. Yàtọ̀ sí ìyẹn, kì í ṣe gbogbo ètò ìkọ̀wé, pàápàá àwọn ti orí fóònù, ló ń ka fọ́ǹtì tí a dì mọ́ ìwé.

Ní ti Enter tí à ń tẹ̀ léraléra, ẹ fi `Ctrl+Enter` rọ́pò rẹ̀ níbi tí ojú ìwé tuntun gbọ́dọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Kò ní kí fọ́ǹtì má yí padà, ṣùgbọ́n bí ìtàn ìgbésí ayé bá gùn sí i, àkọlé orin á ṣì wà lókè ojú ìwé pẹ̀lú ẹsẹ rẹ̀.

Mo bẹ ìyá náà kó pe ọmọ rẹ̀. Mo ní kó ṣí ìwé náà lórí lápútọ́ọ̀pù, kó sọ ọ́ di PDF, kó sì fi ránṣẹ́ sórí Wọ́tísáàpù. Kò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ kó tó dé. A wo `Fonts`, Arial Narrow wà níbẹ̀ pẹ̀lú `Embedded Subset`. Ọmọbìnrin ṣọ́ọ̀bù tẹ ẹ̀dà kan ṣoṣo jáde, bébà méjì, ó ṣẹ́ wọn, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún ìyá. Ìyá náà wọ awò rẹ̀, ó ṣí ojú ìwé kẹta, ó fi ìka tọ ìlà ìkẹyìn dé òpin, ó sì kà á sókè: “Jésù.” Lẹ́yìn náà ló ní kí wọ́n tẹ mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún tó kù.